Ìkìlọ̀: ẹ má san owó lé fọ́tò ìbuwọ́lù Yẹkínì tí wọ́n ń tà n'Íkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ máa ń ra ohun ìrántí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́. Ọkùnrin kan ń pín fọ́tò Ràṣídì Yẹkínì kiri lórí Wásáàpù, èyí tó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n lẹ́yìn tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé Bulgéríà ní Dálásì, lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994. Ìbuwọ́lù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo san ₦45,000, mo sì lọ gbà á ní Sábó.

Àwòrán tó fi ránṣẹ́ ló tàn mí. Wásáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀, etí ìlà tíńtínní á sì parẹ́. Ká tiẹ̀ ní ó mọ́ kedere, kámẹ́rà ò lè sọ fún ẹ bóyá íǹkì dúró lórí bébà ni àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ fọ́tò. Bí ìbuwọ́lù ṣe rí nìkan lo máa rí, ohun tí ayédèrú sì rọrùn láti fara wé jù lọ nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, mo fi awò táwọn atúnaagoṣe máa ń fi sójú wò ó, èyí tó ń mú nǹkan tóbi nígbà mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ bírò, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ìlà rẹ̀ máa ní, á sì gun orí àwọ̀ fọ́tò. Tèmi jẹ́ àmì tótòtó pupa, búlúù àti yẹ́lò, bíi ti ara aṣọ Yẹkínì gẹ́lẹ́. Pírítà ló tẹ̀ ẹ́. (Fọ́tò tí wọ́n fọ̀ ní ilé fọ́tò kì í ní tótòtó yẹn. Ẹ dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná: íǹkì gidi kì í dán bákan náà pẹ̀lú bébà tó wà lábẹ́ rẹ̀.) Ọ̀rẹ́ mi kan n'Ígbógbó ti ra tirẹ̀ náà. A gbé méjèèjì léra lójú fèrèsé, ìbuwọ́lù méjì náà bára mu láìyẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì tí yóò rí bákan náà tán pátápátá.

Mo pè é. Ó ní àṣìṣe ni, ó sì fún mi ní òmíràn tí wọ́n fi bírò buwọ́ lù. Íǹkì gidi ni lóòótọ́, mo ti fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n íǹkì gidi kò sọ ju pé bírò kan bébà lọ, kò sọ ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Mo pa iná yàrá, mo fi tọ́ọ̀ṣì tan án láti ẹ̀gbẹ́, kí ipa bírò lè ní òjìji. Ẹni tó ti buwọ́ lùwé fáwọn èèyàn lọ́pọ̀ ìgbà kì í fà á jẹ́jẹ́: bírò á ti máa rìn kó tó kan bébà, á sì tín-ín-rín níbi tó bá ti gbéra, ipa á jìn níbi tí ọwọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀, á sì fúyẹ́ níbi tó ti ń gòkè. Èyí jìn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó nípọn lórí àti nídìí, íǹkì sì ṣù jọ láàárín lẹ́tà Y, níbi tí òǹkọ̀wé ti dúró wo àwòkọ rẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Ẹnì kan ló ń yà á bí ẹní ń ya àwòrán.

Ẹ má fi èyí nìkan dájọ́ o. Máákà kì í fi ipa sílẹ̀, nítorí náà àìsí ipa kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ìlà ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí tó buwọ́ lùwé lórí ìdúró láìsí tábìlì náà lè gbọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tú pátápátá ni mo béèrè ọwọ́ ẹni tó ti wá. Ó ní bàbá òun ló gbà á ní pápá ìṣeré náà gan-an, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Fọ́tò góòlù ọjọ́ náà kan náà mà ni! Fíìmù ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ó tó dé ọwọ́ olólùfẹ́ kankan. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó yí ohùn padà: ó ní Ìbàdàn ni, lọ́dún 2013. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012 ni Yẹkínì kú. Ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ wúrà tó so mọ́ ọn kò ní orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sọ fọ́tò wo ló ń ṣẹ̀rí fún. Pírítà tó tẹ fọ́tò lè tẹ ìyẹn náà.

Tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ lọ̀ yín, ẹ ní kó fi tọ́ọ̀ṣì tan ìbuwọ́lù náà láti ẹ̀gbẹ́, kó sì ká a sínú fídíò, kó yí ẹ̀yìn fọ́tò sókè. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n buwọ́ lù ú fún, níbo, lọ́dún wo. Bí fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú bá wà, tí nǹkan tí ẹ fẹ́ rà gan-an sì hàn lọ́wọ́ ẹni tó buwọ́ lù ú, ìyẹn ju ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá lọ.

₦20,000 ló dá padà fún mi, kò gbé ìpè mi mọ́. Ohun tó ń sọ fáwọn tó ń kàn sí báyìí ni pé àìsàn bàbá òun ló mú òun tà á. Bí ẹ bá ti ra tiyín, ẹ má tíì jù ú nù. Èyí tí pírítà tẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ gbé tiyín wá sí Sábó ká gbé e léra.