Ṣájà orí ìsọ̀ àti ṣájà ṣọ́ọ̀bù: mo ra méjèèjì, ohun tí mo rí rèé

Ṣájà méjì ló wà níwájú mi báyìí, ẹ ò lè tètè mọ̀yàtọ̀ wọn. Funfun ni méjèèjì, ihò USB-C kọ̀ọ̀kan ló wà lára wọn, páálí wọn náà ń dán. Ọ̀kan, orí ìsọ̀ l'ọ́jà ni mo ti rà á, èkejì, ṣọ́ọ̀bù tó ń já rìsíìtì fún èèyàn tó sì ń fún'ni ní wáráńtì. Owó ti orí ìsọ̀ ò ju bí ìdá mẹ́rin owó ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Àbúrò mi ló ní kí n yé náwó dànù, pé ṣebí iná kan náà ni méjèèjì ń gbé, ni mo bá ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi jù, kò sì gba owó kankan. Ti orí ìsọ̀, wọ́n kọ 65W gàdàgbà síwájú rẹ̀. Ó dáa. Mo wá yí i padà, mo wo ìkọ̀wé tíntìntín tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ OUTPUT sí:

```
5V⎓3A   9V⎓2A   12V⎓1.5A
```

Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Ẹ fi fólìtì (ìyẹn V) ṣe ìlọ́po áńpíà (ìyẹn A), ohun tó bá jáde ni wáàtì. 5 lọ́nà 3 jẹ́ 15. 9 lọ́nà 2 jẹ́ 18. 12 lọ́nà 1.5, 18 náà ni. Níbo wá ni 65 yẹn ti wá? Kò sí níbì kankan. Ṣájà 65W gidi, ẹ máa rí 20V⎓3.25A lára ẹ̀, torí 20 lọ́nà 3.25 ló ń jẹ́ 65. Ti ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? 20W péré ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ sì sọ pé 5V⎓3A àti 9V⎓2.22A, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn jẹ́ 19.98, tó túmọ̀ sí pé iwájú àti ẹ̀yìn ń sọ ohun kan náà. Kí ẹ tó na owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ yọ kakulétọ̀ fóònù yín ẹ ṣe ìṣirò yìí lójú ibẹ̀. Ẹni tó bá parọ́ níwájú páálí tó wá gbàgbé láti parọ́ kan náà lẹ́yìn, mi ò rò pé ẹ máa fẹ́ mọ ohun tó ṣe sínú.

Mo tún ní mítà USB kékeré kan, èyí tí wọ́n máa ń fi sáàárín ṣájà àti wáyà, ó máa ń gbé fólìtì àti áńpíà jáde lójú ẹ̀. Mo ki fóònù tí bátìrì ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dáadáa bọ ṣájà orí ìsọ̀, mítà kọ́kọ́ sọ pé 5.1, inú mi fẹ́ dùn, àmọ́ bí fóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná báyìí ni fólìtì ń já bọ̀, ó já títí ó fi dúró sí bí 4.5, áńpíà ò sì kọjá 0.8. Ìyẹn ò tó wáàtì 4 o, lára ohun tí wọ́n kọ 65 sí! Ó sì yẹ kí ṣájà 5V dúró sókè 4.75, tó bá ti ń já kọjá ibẹ̀ nígbà tí fóònù ń fa iná, kò lágbára tó sọ pé òun ní nìyẹn. Ti ṣọ́ọ̀bù gun 9V lọ ní tiẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, áńpíà ẹ̀ sì sún mọ́ 2. Tẹ́ ẹ bá rí i pé áńpíà ń lọ sílẹ̀ bí bátìrì ṣe ń kún, ẹ má jáyà, fóònù fúnra ẹ̀ ló ń dín in kù.

Nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀ tí kò nílò mítà rárá. Nígbà tí fóònù wà lórí ṣájà orí ìsọ̀ yẹn, sikiríìnì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wéréwéré, mo tẹ lẹ́tà kan, òmíràn jáde, ojú ìwé ń sáré lọ sókè láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe yọ ọ́ báyìí, ó jáwọ́. Ohun tó fà á ni pé iná tó ń jáde láti inú ṣájà yẹn ò mọ́, wọn ò fi ohun tó ń sẹ́ ẹ sínú ẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ bí ìka wa ṣe ń yí iná kékeré tó wà lójú sikiríìnì padà ló fi ń mọ ibi tá a tẹ̀, ni ìdọ̀tí iná yẹn bá dà á lórí rú. Tí fóònù yín bá ń ṣe báyìí lórí ṣájà kan tí kò sì ṣe é lórí òmíràn, ṣájà ni kẹ́ ẹ mú.

Ó yá, àwọn àmì. Ti orí ìsọ̀ kún fún àmì ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ o. CE, FCC, UL, igbá ìdọ̀tí tí wọ́n fa igi kọjá lórí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí CE, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, fún irú nǹkan bíi ṣájà, ẹni tó ṣe é fúnra ẹ̀ ló ń fi CE sí i lára, òun ló ń fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọjà òun bá òfin ilẹ̀ Yúróòpù mu. Kọ́ńpínì gidi máa ń ní ìwé àyẹ̀wò nílé tó fi gbè é lẹ́sẹ̀, ayédèrú ò ní nǹkan kan, íńkì lásán ni. Wọ́n máa ń sọ pé kéèyàn wo àlàfo tó wà láàárín C àti E, òótọ́ ni, orí òbíríkítí méjì ni wọ́n ti fa lẹ́tà méjèèjì yọ, àlàfo gidi máa ń wà láàárín wọn, tí wọ́n bá fún mọ́ra wọn, ẹ sá. Àmọ́ tí àlàfo ẹ̀ bá pé, ìyẹn nìkan ò sọ pé ojúlówó ni, ṣebí ẹni tó ń ṣe ayédèrú náà lójú.

UL yàtọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń yẹ nǹkan wò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹni tó ṣe ṣájà, ohun tí mo sì fẹ́ràn nípa tiwọn ni pé nọ́ńbà wà tẹ́ ẹ lè tọ̀ lọ. Inú òbíríkítí ni lẹ́tà méjèèjì máa ń wà, ẹ sì máa ń rí nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E tí àwọn fígọ̀ tẹ̀ lé. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sínú UL Product iQ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù jáde. Orúkọ kọ́ńpínì tó jáde kì í ṣe orúkọ tó wà níwájú páálí, ìyẹn ò sì burú, torí iléeṣẹ́ míì ló ń bá ọ̀pọ̀ wọn ṣe ṣájà, ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bóyá nọ́ńbà módẹ̀lì tó wà lára ṣájà bá ti ibẹ̀ mu. Ti orí ìsọ̀? Lẹ́tà U àti L lásán ni, kò sí òbíríkítí, kò sí nọ́ńbà. Lọ́dún 2016, UL gbé 400 ayédèrú ṣájà Apple yẹ̀ wò, èyí tó ju 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló fìdí rẹmi. Tó bá jẹ́ àmì míì ni òfin ibi tẹ́ ẹ wà ń béèrè, ọ̀nà kan náà ni, ẹ wá nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè yẹ̀ wò.

Mo tú ti orí ìsọ̀. Ẹ má tú tiyín o, kapásítọ̀ ńlá tó wà nínú ẹ̀ lè ní iná tó ju 300 fólìtì lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Inú ṣájà, apá méjì ló ní: apá tí iná ògiri ń gbà wọlé àti apá tó ń lọ sínú fóònù. Ó yẹ kí àlàfo tó tó bíi mìlímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láàárín wọn lórí pátákó yẹn. Nínú èyí tí mo tú, ibì kan wà tí kò tó mìlímítà kan. Tí omi díẹ̀ bá kán síbẹ̀, tàbí tí ooru bá sun nǹkan tó wà níbẹ̀, iná ògiri lè fò kọjá sínú wáyà, ó di inú fóònù, ó di ọwọ́ ẹni tó ń fi fóònù náà pè. Fíúsì kankan ò sì sí níbẹ̀ tó lè já tí nǹkan bá bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ wọ́n tẹ àmì igun mẹ́rin méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì sí i lára, àmì tó ń sọ pé ààbò ìlọ́po méjì wà láàárín iná àti èèyàn. Irọ́ yẹn ló bí mi nínú jù. Ti ṣọ́ọ̀bù, mi ò tú u, torí tí mo bá tú u wáráńtì ti lọ nìyẹn, nítorí náà mi ò lè sọ fún yín bí inú ẹ̀ ṣe rí.

Wáráńtì náà ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó tà á fún mi lórí ìsọ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé e wò níbí, tó bá ti ń gbé iná, a ò gbà á padà mọ́ o." Àyẹ̀wò yẹn ò sọ ju pé àmì bátìrì tàn lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ módẹ̀lì àti nọ́ńbà sírià ṣájà sórí rìsíìtì, pẹ̀lú déètì, mo sì bi wọ́n pé ta ló máa pààrọ̀ ẹ̀ tó bá bàjẹ́, ẹ̀yin ni àbí kọ́ńpínì, wọ́n ní àwọn ni, ọdún kan, àmọ́ wáráńtì náà ò kan wáyà. Ẹ rí i pé ẹ béèrè. Ìgbà tó yá, ó ṣíwọ́ gbígbé 9V, 5V nìkan ló ń gbé, mo gbé e padà lọ pẹ̀lú rìsíìtì, wọ́n fi nọ́ńbà sírià wé ti inú ìwé wọn, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi yìí, òun ni wọ́n fi pààrọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ iye owó, kì í ṣe pé gbogbo ohun tó bá wọ́n ló dáa. Ohun tó máa ń fu mí lára ni kí ọlọ́jà dá iye kan, kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yísẹ̀ padà kó ti gé e sí ìdajì, tàbí kí 20W àti 65W jẹ́ iye kan náà lórí tábìlì kan, tàbí kí ṣájà olórúkọ ńlá wà nílẹ̀ ní iye tí kò tó ìdajì ohun tí kọ́ńpínì fúnra wọn ń tà á. Ká sòótọ́, mo mọ ẹni tó ń tajà lórí ìsọ̀ tó ń já rìsíìtì tó sì ń gba ọjà padà, mo sì ti rí ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tó ń ta féèkì. Tówó ò bá sì tó ra èyí tó lórúkọ ńlá, ẹ ra èyí tí orúkọ ẹ̀ ò tíì dún tí nọ́ńbà ẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò, ó sàn ju ayédèrú tó jí orúkọ ẹlẹ́ni lọ.

Ti ṣọ́ọ̀bù yìí, mo fún un ní 4 nínú 5, torí wọn ò fi wáyà sí páálí. Ti orí ìsọ̀, òdo. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù lẹ fẹ́ fi gbé iná, 20W ò ní tó o, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 20V⎓3.25A sí lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì wo wáyà náà dáadáa, ó gbọ́dọ̀ lè gbé tó áńpíà 3.25 yẹn.