Àtẹ̀jáde oṣù kan ní ọjọ́ kan: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́rin

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Abẹ́òkúta. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí mi ò gbé nǹkan kan sórí Instagram àti Facebook, mo máa ń rí i nínú owó tó ń wọlé. Tẹ́lẹ̀, alaalẹ́ ni mo máa ń ṣe é: màá ti ìsọ̀ dé, màá jẹun tán, màá wá máa wá àwòrán kiri inú fóònù pẹ̀lú oorun lójú. Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù ni mò ń ṣe ti oṣù tuntun pa pọ̀. Google Sheets ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ sí, Canva tí mò ń sanwó fún ni mo fi ń ṣe àwòrán, Meta Business Suite ni mo sì fi ń to ọjọ́ tí kálukú wọn máa jáde.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ọjọ́ kan" yìí tàn yín. Àwòrán yíyà kò sí nínú ọjọ́ kan náà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ni mo máa ń ya àwòrán ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ òjìji, nítorí pé àwọ̀ aró kì í fẹ́ iná gílóòbù rárá, dúdú ló máa ń yà. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ya àwòrán kí n sì ṣe gbogbo ìyókù lọ́jọ́ kan, aago mẹ́wàá alẹ́ lù mí níbẹ̀, mi ò sì tíì to ìdajì.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ̀n àtẹ̀jáde, ọ̀kan lójúmọ́. Mẹ́rìnlélógún ni mò ń ṣe báyìí. Mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́fà sílẹ̀ lófìfo, torí pé nǹkan á ṣẹlẹ̀: oníbàárà á wọ aṣọ mi lọ síbi ìgbéyàwó, á fi àwòrán ránṣẹ́, irú ìyẹn sì máa ń pe èèyàn ju gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ lọ. Inú Google Sheets, ìlà kan ni àtẹ̀jáde kan. Bí ó ṣe rí nìyí nígbà tí mo bá gbà á sílẹ̀ ní CSV, ìyẹn fáìlì tí kọ́mà ti ń pín òpó kan níyà sí èkejì:

```
oruko,alaye,ojo
Ìbàdàndùn,Òpó Mápó àti ṣíbí ló tò sára rẹ̀,3
Olókun,"Ìyẹ́ adìyẹ la fi kọ ọ́, kì í ṣe pátákó",5
```

Ẹ wo ìlà kẹta. Nítorí kọ́mà tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni àmì àyọlò ṣe yí i ká. Google Sheets máa ń fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ tẹ CSV tó sì gbàgbé, kọ́mà yẹn á gé gbólóhùn rẹ̀ sí méjì, ìdajì kejì á sì bọ́ sí ibi tó yẹ kí ọjọ́ wà.

Témpúléètì mẹ́rin péré ni mo ní. Ọ̀kan wà fún orúkọ bátànì àti ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún bí a ṣe ń fọ aṣọ kí aró má baà ṣí, ọ̀kan fún bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nídìí ìkòkò aró, ìkẹrin fún ọjà tó wà nílẹ̀. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé "Olókun" ni mo fi ṣe témpúléètì orúkọ. Lẹ́tà mẹ́fà ni, ó gún régé, ó rẹwà. Nígbà tí "Ìbàdàndùn ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún" wọlé síbẹ̀, ó já sí ìlà mẹ́ta, ó sì gorí àwòrán aṣọ. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tó gùn jù lọ nínú tábìlì ni mo fi ń ṣe témpúléètì. Bí ó bá gba èyí tó gùn, kékeré á jókòó síbẹ̀ láìsí wàhálà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an ni fóńtì. Mo fẹ́ràn fóńtì kan tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́, gbogbo témpúléètì mi ni mo fi í kọ. Nígbà tí mo fẹ́ẹ́ ṣe tán ni mo wá rí i pé "ọ́" nínú "ẹ̀kọ́" ti yàtọ̀ sí àwọn lẹ́tà tó kù, ó nípọn jù wọ́n lọ, àmì orí rẹ̀ sì ti sún lọ sí apá ọ̀tún bí fìlà tí atẹ́gùn gbé. Ìdí rẹ̀ ni pé "ọ" ní ààyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, "ó" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń kó "ọ" àti àmì ohùn lé ara wọn lórí, fóńtì tí wọn kò sì ṣe fún irú èyí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì náà sí. Bí fóńtì náà kò bá tilẹ̀ ní "ọ" rárá, kọ̀ǹpútà á lọ yá a lára fóńtì mìíràn, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kan fi máa ń nípọn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmì náírà náà máa ń ní irú ìṣòro yìí. Ní báyìí, kí n tó gba fóńtì kankan láàyè, màá tẹ ìlà kan péré sí i:

```
Ẹ̀kọ́ ọ̀ṣọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ₦12,500
```

Bí ìlà yẹn bá jáde dáadáa, lẹ́tà ńlá àti kékeré, mo ti lè lò ó. Noto Sans ni mo wá padà sí fún àlàyé. Kò ní ẹwà kan lọ títí, ṣùgbọ́n kì í gé àmì mi. Fóńtì ológe mo fi sílẹ̀ fún orúkọ ìsọ̀ mi, tí kò ní àmì kankan lórí.

Ìbátan ìṣòro yìí tún wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lo Excel. Oṣù kejì, íńtánẹ́ẹ̀tì ò dára, mo bá kọ tábìlì mi sínú Excel, mo gbà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí CSV lásán. Nígbà tí mo gbé e dé Canva, gbogbo ibi tí "ẹ", "ọ" àti "ṣ" wà ti di àmì ìbéèrè. Ohun tó dùn mí ni pé fáìlì náà kò ṣe é tún ṣe mọ́, lẹ́tà ti sọnù pátápátá, èmi náà sì ti pa ti ìṣáájú rẹ́. Èyí tó yẹ kí n yàn nínú àkójọ náà ni `CSV UTF-8 (Comma delimited)`. CSV tí Google Sheets ń yọ kò ní ìṣòro yìí.

Nígbà tí tábìlì bá ti mọ́, ibi tí Canva ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn nìyí. Ẹ ó ṣí témpúléètì, ẹ ó wọ `Bulk Create`, ẹ ó gbé CSV sí i, lẹ́yìn náà ẹ ó fi `Connect data` so àpótí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó tirẹ̀ nínú tábìlì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ojú ìwé mẹ́jọ, mẹ́wàá, á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán aṣọ kò sí nínú CSV, torí náà mo fi férémù sílẹ̀ nínú témpúléètì, mo sì ń fi ọwọ́ gbé àwòrán sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo mẹ́rìnlélógún máa ń gbà mí. Ẹ fi nọ́ńbà sórúkọ àwòrán kí ẹ tó gbé wọn wọlé. Lọ́jọ́ kan tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, àdìrẹ oníko ni mo gbé sábẹ́ orúkọ Ìbàdàndùn, oníbàárà kan tó jẹ́ ìyá àgbà ló pè mí: "Ọmọ mi, ta ló ta irú Ìbàdàndùn yìí fún ẹ?" Ojú tì mí.

Títo ọjọ́ ló sú mi jù. Inú `Planner` tó wà nínú Meta Business Suite ni mo ti ń ṣe é: màá gbé àwòrán sí i, màá lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, màá yan Facebook àti Instagram pọ̀, màá yan ọjọ́ àti wákàtí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni, ó lé ní wákàtí kan kí mẹ́rìnlélógún tó tán. Mo ti gbìyànjú Buffer náà, ápù mìíràn tí wọ́n fi ń to àtẹ̀jáde sílẹ̀, ó dùn ún lò jù fún mi, ṣùgbọ́n èyí tí wọn kì í gbowó lé kò gbà ju àtẹ̀jáde mẹ́wàá lọ lórí ìkànnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì lè gba oṣù mi. Ẹni tó bá jẹ́ Instagram nìkan ló ń lò kò tiẹ̀ nílò ohun mìíràn: bí àkáǹtì yín bá jẹ́ ti oníṣòwò, inú ápù náà gan-an ló ti lè tò ó sílẹ̀, títí dé ọjọ́ márùndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí mo bá parí, mo máa ń wo kàlẹ́ńdà oṣù náà látòkè délẹ̀, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi àtẹ̀jáde méjì sí ọjọ́ kan tí ọjọ́ kejì sì ṣófo.

Ohun tó ná mi lówó kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ. Oṣù kẹta, mo kọ iye owó sára àwòrán: ọ̀pá márùn-ún, ₦15,000. Láàárín oṣù, aṣọ funfun gbówó lórí, mo gbé e sí ₦18,500 ní ìsọ̀, mo sì gbàgbé pé àwòrán kan ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Ó jáde ní kùtùkùtù àárọ̀. Kí n tó jí, èèyàn mẹ́ta ti yà á sínú fóònù wọn. Mo tà á fún wọn ní iye tí wọ́n rí, ₦10,500 lọ báyẹn. Àtìgbà náà ni mo ti yọ iye owó kúrò lára àwòrán. Inú ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni mò ń kọ ọ́ sí, torí pé lẹ́yìn tí nǹkan bá ti jáde lórí Instagram, èèyàn ṣì lè tún ọ̀rọ̀ kọ, àwòrán ni kò ṣe é pààrọ̀. Gbogbo àárọ̀ Ajé ni mo tún máa ń ka ohun tó máa jáde lọ́sẹ̀ náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ní ti WhatsApp, ibẹ̀ ni ìdajì àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi wà, kò sì sí ibi tí mo ti lè to Status sílẹ̀ nínú ápù náà. Àwòrán kan náà ni mò ń lò, mo kó wọn sínú álíbọ́ọ̀mù kan nínú fóònù, mo sì fi àláàmù sí aago méje. Bí ó bá dún, màá gbé ti ọjọ́ náà sókè. Nítorí náà, àtẹ̀jáde ojoojúmọ́ kò tíì kúrò lọ́rùn mi tán, ó kàn ti di ìṣẹ́jú méjì.

Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ló gbà mí lóṣù yìí, pẹ̀lú ìsinmi oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́, bíi ẹni tó ń ta ẹja tútù tàbí oúnjẹ, mi ò rò pé irú ètò yìí á wúlò fún un ju ọ̀sẹ̀ kan lọ síwájú. Èmi ní tèmi, mo ti sanwó Canva oṣù tó ń bọ̀. Témpúléètì aṣọ fífọ̀ ni mo fẹ́ tún ṣe, àwọn èèyàn ṣì ń pè mí bèèrè bóyá wọ́n lè fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun fọ aró.