Lẹ́tà Adójútòfò Méjì Lórí Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ Kan: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Fọwọ́ Sí I

Ẹni tó bá ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá òun dáàbò bo ọjà òun ní Balógun kì í sábà gbọ́ "a gbà" tàbí "a ò gbà" lásán. Lẹ́tà tó máa ń dé ni èyí tó ní àwọn gbà, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe béèrè rẹ̀: ọ́ńdáráítà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń wọn ewu, ti fi kún ẹ́sẹ́sì, ó sì ti to àwọn àkànṣe àdéhùn sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ́sẹ́sì ni apá òfò tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ yóò gbé kí ilé-iṣẹ́ tó san ìyókù. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò tíì di ààbò. Títí ọlọ́jà yóò fi kọ̀wé pé òun gbà, tí yóò sì sanwó, òfò tó bá ṣẹlẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni, nítorí òfin ìdójútòfò Nàìjíríà kò fàyè gba ààbò àwìn.

Iṣẹ́ bróókà ni mò ń ṣe, ìyẹn alárinà láàárín ọlọ́jà àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ìyá aláǹkárá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àjà kejì ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, ó sì sọ pé ọjà òun tó mílíọ̀nù 60 náírà. Àwọn méjèèjì rán sọ̀féyọ̀ wá, ìyẹn ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ yẹ ibi tí ọjà wà wò. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi àtẹ̀gùn, ó gbóòórùn, ó sì na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tó fara ti ìdì aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ó tún wo ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀, níbi tí agboòrùn àti tábìlì àwọn ọlọ́jà ti dí i tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ panápaná kò lè kọjá. Kò sí ọ́ńdáráítà tó gbàgbé iná Balógun ti ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2019 àti ti ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé lẹ́tà méjèèjì le.

| | Lẹ́tà kìn-ín-ní | Lẹ́tà kejì |
|---|---|---|
| Owó ọdún kan | 150,000 náírà | 210,000 náírà |
| Ẹ́sẹ́sì | ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún òfò, kò gbọdọ̀ dín ní 500,000 | ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òfò, kò gbọdọ̀ dín ní 250,000 |
| Àkànṣe àdéhùn | ẹyọ kan | mẹ́rin |

Ojú ẹni tó ń rajà máa ń kọ́kọ́ lọ sí ìlà àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni kò yẹ kó dúró sí. Bí omi bá ba aṣọ 1,200,000 náírà jẹ́, ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 120,000, ṣùgbọ́n nítorí pé kò tó 500,000, 500,000 gan-an ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò yọ, yóò sì san 700,000; bákan náà, èkejì yóò yọ 250,000, yóò sì san 950,000. Bí iná bá jó ọjà mílíọ̀nù 30, àkọ́kọ́ yóò yọ mílíọ̀nù 3, èkejì yóò yọ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ìyàtọ̀ owó ọdọọdún jẹ́ 60,000 péré. Òfò ńlá kan ṣoṣo bí èyí yóò gba ìyàtọ̀ ọdún 25 padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń fi ìka tọ́ka sí fún oníbàárà kí a tó ṣírò ohunkóhun: ìdá 10 nínú kí ni? Nínú lẹ́tà wọ̀nyí, nínú òfò ni. Mo ti rí lẹ́tà tó kọ ọ́ pé nínú gbogbo iye tí a dáàbò bò. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà níbí, mílíọ̀nù 6 ni wọn yóò máa yọ lórí òfò kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé òfò 1,200,000 náírà tó ṣẹlẹ̀ yẹn kò ní mú kọ́bọ̀ kan wá.

Àkànṣe àdéhùn ni ó gba àkókò wa jù. Ẹyọ kan tó wà nínú lẹ́tà kìn-ín-ní ni pé kí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà wà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbòmíràn tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, kí iná má baà jó ọjà àti ẹ̀rí rẹ̀ pa pọ̀. Lẹ́tà kejì béèrè ìyẹn, ó sì fi mẹ́ta kún un: kí ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun kílò 9 méjì wà, kí onímọ̀ sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún, kí epo bẹntiróòlù àti jẹnẹrétọ̀ má ṣe wà nínú ilé rárá, kí a sì máa pa iná mànàmáná ilé náà láti orísun rẹ̀ ní gbogbo alẹ́.

Ìyá ka èyí tó kẹ́yìn tán, ó wò mí.

"Bùọ̀dá, ọ̀dọ̀ onílé ni ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé wà. Ta ni yóò fún mi ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ẹ ṣeun mà. Ohun tí a máa kọ sí wọn nìyẹn."

Àdéhùn tí kò sí ní ìkáwọ́ ẹni kò yẹ ní fífọwọ́sí, bó ti wù kí ẹ́sẹ́sì kéré tó. Lọ́jọ́ òfò, ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá ṣèwádìí kò ní bi í pé ṣé ó gbìyànjú. Yóò bi í pé ṣé ó pa á. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n yí i padà sí iná inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan. Mo tún béèrè ohun méjì. Èkíní, kí wọ́n kọ ọ́ kedere pé àdéhùn tí a bá rú kò ní dí owó lọ́wọ́ àfi tí rírú rẹ̀ bá kan òfò náà, kí ẹ̀rọ ìpaná tí wọn kò tíì yẹ̀ wò má baà di ìdí tí wọn kò fi ní san owó aṣọ tí olè kó. Èkejì, lẹ́tà náà fún un ní ọjọ́ 30 láti mú àwọn àdéhùn ṣẹ, àmọ́ kò sọ bóyá ààbò wà láàárín ọjọ́ 30 yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ó wà. Ẹ má rò ó. Ẹ gbà á ní kíkọ. Wọ́n gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi àti ìyá kò fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọjà. Ó ní mílíọ̀nù 60, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹwàá ni ó ti máa ń kó ọjà ọdún, tí ohun tó wà nílẹ̀ yóò sì tó mílíọ̀nù 80. Bí iná bá jó mílíọ̀nù 30 nígbà yẹn, ilé-iṣẹ́ méjèèjì yóò wò ó pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà ló dáàbò bò, mílíọ̀nù 22.5 ni wọn yóò sì kà sí òfò kí ẹ́sẹ́sì tó wọlé. Lẹ́tà kìn-ín-ní yóò wá san mílíọ̀nù 20.25, èkejì 21.375. Ohun tí ó pàdánù níbẹ̀ ju gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà méjèèjì lọ.

Fún ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò ní ibòmíràn láti wà, lẹ́tà kìn-ín-ní ni mo máa ní kó mú, nítorí ẹ́sẹ́sì tó ga sàn ju àdéhùn tí ó mọ̀ pé òun yóò rú lọ. Ìyá ra ínfátà, ó sì mú èkejì, ó gbé iye náà sókè sí mílíọ̀nù 80, owó rẹ̀ sì di 280,000 náírà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó máa ń ya ojú ìwé àkọsílẹ̀ ọjà ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìkòròdú lórí Wáásáàpù, á sì dúró kí ó fèsì kí ó tó ti ilẹ̀kùn.