Owó-orí ọdún mẹ́ta tí mo san, orúkọ ẹlòmíràn ló wà: ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ní ọ́fíìsì owó-orí kan ní Àkúrẹ́

“Ẹ ò san kọ́bọ̀ rí, Màmá.”

Ohun tí ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì sọ fún mi nìyẹn, kò sì gbójú sókè wò mí. Rìsíìtì mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi: ₦18,000 ti ọdún 2022, ₦24,000 ti 2023, ₦30,000 ti 2024. Ọ́fíìsì yẹn kan náà ló já gbogbo wọn fún mi. Aránṣọ ni mí, Ọ̀nà Ọ̀dà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan fẹ́ gbé aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì fún mi rán, wọ́n ní kí n mú kilíáránsì owó-orí ọdún mẹ́ta wá kí a tó tọwọ́ bọ̀wé. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Mo ní kó tẹ TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó-orí, tó wà lórí rìsíìtì, kó má fi nọ́ńbà fóònù mi wá mi mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, kò dín kọ́bọ̀. Ó wá yí kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní, “Owó wà níbí o, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ nìyí.” Mo wò ó. Orúkọ mi ni, orúkọ ọkọ mi ló sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n orúkọ àárín kì í ṣe tèmi. Wọ́n bí obìnrin yẹn ní 1971, èmi ní 1984. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò jọ tèmi rárá. Fún ọdún mẹ́ta ni mo ń sanwó sí orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí mo sì ń tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ sínú àpótí bí ẹni tó ṣe nǹkan gidi.

Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo béèrè ohun tí n óò ṣe. Ó ní, “Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́ sí i. Mo lọ sí kafé kan nítòsí Ọjà Ọba, mo san ₦2,000, ọmọ ibẹ̀ fi NIN mi gba nọ́ńbà tuntun. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, nọ́ńbà mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀: ti obìnrin yẹn, tí owó mi wà lórí rẹ̀, èyí tí báńkì gbà fún mi ní 2020 nígbà tí mo ṣí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà, àti ti kafé. Méjì jẹ́ tèmi, kò sí owó lórí ìkankan nínú wọn. Ọmọkùnrin náà ní kí n lọ, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo jókòó, mo ní mi ò kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan jáde láti yàrá inú. Ó dàgbà jù mí lọ, awò wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Àbúrò mi, kó gbogbo ìwé rẹ wá.” Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó mú bírò, ó sì ya ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn ìwé kan fún mi.

Orúkọ bàbá mi ló wà lórí BVN mi, torí mi ò tíì lọ́kọ nígbà tí mo ṣe é. Orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN. BVN ni báńkì fi gba nọ́ńbà ti 2020, nítorí náà orúkọ bàbá mi ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo wá sanwó ní 2022, òṣìṣẹ́ tó gbà mí fi orúkọ ọkọ wá mi. Èmi kò jáde. Obìnrin kejì tí a jọ ń jẹ́ orúkọ ló jáde, òun nìkan. Wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí rìsíìtì mi. Ní 2023 àti 2024, orí rìsíìtì àtijọ́ ni wọ́n ti ń da nọ́ńbà náà kọ. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí kafé rí nọ́ńbà kejì gbà fún mi: orúkọ NIN àti ti BVN kò bára mu, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ó ní kí n má forúkọ sílẹ̀ níbikíbi mọ́. Báńkì ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí orúkọ BVN bá ti NIN mu, nítorí tí ìyẹn kò bá tíì gún, bí a bá pa nọ́ńbà méjì pọ̀, òmíràn tún lè hù. Mo mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti àfídáfíìtì láti kóòtù lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni báńkì gbà. Obìnrin náà tún sọ pé láti oṣù kìíní 2026, òfin owó-orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 yóò sọ NIN gan-an di nọ́ńbà owó-orí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí n má ṣe jẹ́ kí àṣìṣe kankan wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la kọ lẹ́tà. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró tì mí. A kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, a sọ pé ti báńkì ni kó dúró, torí òun ló pẹ́ jù, òun ló sì so mọ́ àkáǹtì mi. Ti kafé ni kí wọ́n pa. Owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí wọ́n gbé kúrò lórí ti ẹnì kejì. Ó ní rìsíìtì nìkan kò tó, torí nọ́ńbà ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Ohun tó gbè mí ni sítétímẹ́ǹtì báńkì: inú àkáǹtì mi lowó ti jáde, nọ́ńbà ìsanwó tó wà níbẹ̀ sì bá ti rìsíìtì mu, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ẹni tó ni nọ́ńbà. Ìyá awò náà kò fún mi ní fóònù rẹ̀; òun ló pè é. Tíṣà ni obìnrin tó ni nọ́ńbà náà, ìlú Oǹdó ló ti wá. Ó jókòó tì mí, ó sì sọ pé wọ́n ti kọ lẹ́tà sí òun pé kí òun wá san owó-orí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Kò sùn lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, ó rò pé gbájúẹ̀ kan ti fi orúkọ òun dá òwò sílẹ̀. Ó buwọ́ lùwé pé owó náà kì í ṣe tòun. Nígbà tó ń lọ, ó dì mọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lórúkọ mi. Lọ́sẹ̀ kọkànlá, kilíáránsì jáde. Ilé ìwòsàn ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn nígbà yẹn.

Bí ẹ bá ń gba rìsíìtì, kí ẹ tó kúrò níwájú gíláàsì, ẹ ní kí wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí yín. Ẹ wo orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí, àti nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn fóònù. Orúkọ àti ti ọkọ nìkan kò tó.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè kò jọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fi méjì sílẹ̀, ojú ìyá awò yẹn ni mo ń rí. Nọ́ńbà kafé ṣì ń jáde bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní Àbújá ni wọ́n ti máa pa á. Lọ́jọ́rú ni n óò tún lọ béèrè.