Àgbéyẹ̀wò Káàdì Alàwòrán fún Ọmọ Tó Ń Múra Ìdánwò Àṣewọlé Girama

Ọmọbìnrin mi, tó wà ní ìwé kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ra àwọn káàdì yìí fún, nítorí kọ́mọ̀n-ẹ́ńtíráǹsì tí àjọ NECO máa ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀. Apá mẹ́ta ló wà nínú páálí náà: sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìṣirò àfọgbọ́nṣe tí àwọn ọmọ ń pè ní kuantitétíìfù. Àwòrán wà lójú káàdì kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bébà rẹ̀ nípọn, kì í tètè ká ní igun, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbé e sókè sí iná, ìdáhùn ẹ̀yìn máa ń hàn síwájú, ọmọ tó bá sì gbọ́n díẹ̀ kò ní pẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Apá sáyẹ́ǹsì ló wúlò jù, bí òbí bá mọ bí a ṣe ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n mú káàdì eyín ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ya àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi ọfà tọ́ka sí eyín iwájú, ọ̀gàn àti èrìgì, wọ́n sì fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kun wọ́n. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọmọ mi ti ń dárúkọ gbogbo wọn láìṣì. Àmọ́ nígbà tí mo gbé káàdì pamọ́ tí mo bi í pé eyín wo ni ajá fi ń fa ẹran ya, ó dákẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun rí àwòrán náà. Àwọ̀ pupa ló mọ̀, kò mọ iṣẹ́ ọ̀gàn. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè inú ìdánwò kì í sábàá wá pẹ̀lú àwọ̀; ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà, tí yóò sì mú ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń lo káàdì kan lọ́nà méjì: a ó kọ́kọ́ wo àwòrán ká lè dárúkọ, lẹ́yìn náà ni n ó fi ọwọ́ bo àwòrán, tí n ó béèrè ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Káàdì tó bá yege nínú èkíní tó sì kùnà nínú èkejì á padà sínú àwọn tí a ó tún yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì.

Apá ìṣirò ni ẹjọ́ wà. Lórí káàdì kan, wọ́n ya igun mẹ́ta, wọ́n kọ 3 sí apá òsì, 4 sí apá ọ̀tún, 2 sí òkè, 14 sì wà láàárín. Wọ́n wá ya òmíràn tó ní 7, 3 àti 4 ní ipò kan náà, wọ́n ní kí ọmọ wá ohun tó yẹ kó wà láàárín. Ọmọ mi kọ 40. Ẹ̀yìn káàdì sọ pé 25 ni. Ó takú pé, “Mọ́mì, òótọ́ ni mo kọ o.” Mo jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé kò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣe káàdì ní kí a fi 3 lu 4, kí a sì fi 2 kún un, ó di 14. Ọmọ mi ro 3 àti 4 pọ̀, ó fi 2 lù ú, ó di 14 pẹ̀lú. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo kò lè sọ èwo nínú òfin méjèèjì ló tọ̀nà. Ká ní wọ́n fi ìkejì kún un, bí àpẹẹrẹ 5, 2 àti 6 tí 16 wà láàárín rẹ̀, èrò ọmọ mi ì bá ti já síbẹ̀, nítorí 42 ni tirẹ̀ máa mú wá.

Mo rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi bírò kọ àpẹẹrẹ kejì sí etí káàdì, mo sì ń ní kí ọmọ sọ òfin tó lò kó tó sọ iye. Mo tún máa ń pa nọ́ńbà inú àwòrán dà, kó má baà jẹ́ pé ìdáhùn ló há sórí.

Apá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a lè yà ní àwòrán nìkan ló kún inú rẹ̀, bíi oko, afárá àti dókítà. Irú èyí tí kò ṣeé yà, tó sì máa ń da àwọn ọmọ láàmú, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ibi tí wọ́n ti ń ta apá sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀, kó rà á. Èmi kò ní tún apá ìṣirò rà àfi bí wọ́n bá tún un tẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ méjì, ó kéré tán, lórí káàdì kọ̀ọ̀kan.