Náítíréètì inú ẹ̀fọ́ àti náítíráìtì inú béékìn: ìfiwéra fún ẹni tí ó ń lọ sọ́jà

Ní ìlú Houston tí mo ń gbé, ọdún méjì gbáko ni mo fi ra béékìn olówó gọbọi kan tí wọ́n kọ sí ara ọ̀rá rẹ̀ gàdàgbà pé wọn kò fi náítíráìtì, èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran kí ó má bàjẹ́, sí i. Dọ́là mẹ́sàn-án ni wọ́n ń tà á, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí kò ní irú àkọlé bẹ́ẹ̀ wà lórí pẹpẹ kan náà ní dọ́là márùn-ún ààbọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọmọ mi obìnrin gbé ọ̀rá náà súnmọ́ ojú, ó sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tí ó wà lábẹ́ àkọlé ńlá náà fún mi: àfi èyí tí ó bá wà nínú ìyẹ̀fun sélérì láti ìṣẹ̀dá rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, náítíráìtì yìí náà ni o, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kàn gbà wọlé."

Òótọ́ ni ó sọ. Sélérì jẹ́ ẹ̀fọ́ tí ó máa ń fa náítíréètì púpọ̀ láti inú ilẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ẹran náà máa ń fún omi rẹ̀, wọn a sì da irú àwọn kòkòrò àìfojúrí kan sí i tí ó lè yọ ọ́síjìn kan kúrò lára náítíréètì (NO₃⁻), kí ó di náítíráìtì (NO₂⁻). Wọn a wá gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, wọn a sì fi pa ẹran lára. Náítíráìtì tí ó ti inú sélérì wá kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí ó ti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ wo àwọ̀ ẹran náà lẹ́yìn tí ó bá ti jinná. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi iyọ̀ nìkan sè máa ń ṣú bí eérú, ṣùgbọ́n èyí tí náítíráìtì bá wọ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ètè ọmọ tuntun. Béékìn dọ́là mẹ́sàn-án mi pọ́n bẹ́ẹ̀. (Háàmù Parma ti Ítálì, tí wọ́n ń fi iyọ̀ nìkan ṣe, máa ń pọ́n pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń sá a kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.)

Èyí tí ó tún dùn mí jù ni pé òfin Amẹ́ríkà fi òdiwọ̀n sí béékìn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gún ní omi iyọ̀: mílígíráàmù 120 náítíráìtì sódíọ̀mù nínú kílò kan ẹran, pẹ̀lú mílígíráàmù 550 irú fítámì sí kan tí yóò dín ewu rẹ̀ kù. Èyí tí mo ń sá fún ni ó ní òdiwọ̀n tí ó ṣe kedere.

Nígbà tí ojú mi là, mo bi ara mi léèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fọ́ ni náítíráìtì yìí ti wá, kí ló dé tí dókítà fi ń sọ pé kí a máa jẹ ẹ̀fọ́, kí a sì dín béékìn kù? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Sípínáàsì tí àwa ará òkè òkun fi ń ṣe ẹ̀fọ́ rírò lè ní mílígíráàmù 2,500 náítíréètì nínú kílò kan, tẹ̀tẹ̀ ilé náà sì wà lára àwọn ẹ̀fọ́ tí ń kó o jọ. Ẹni tí ó bá jẹ 100 gíráàmù rẹ̀ ti gbé 250 mílígíráàmù mì. Ara máa ń fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin padà sínú itọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé lẹ́yìn ahọ́n a sì sọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún èyí di náítíráìtì. Ohun tí a ó gbé mì pẹ̀lú itọ́ yóò tó mílígíráàmù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ní ti béékìn, èyí tí ó máa ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá rà á kì í sábà ju nǹkan bíi mílígíráàmù mẹ́wàá nínú kílò kan lọ, nítorí náà, ààbọ̀ mílígíráàmù péré ni yóò wà nínú 50 gíráàmù. Bí iye nìkan bá ni a ó fi dájọ́, ẹ̀fọ́ ni à bá máa bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ìṣirò yẹn. Wọ́n fi 120 sí i, mẹ́wàá ni ó kù. Níbo ni ìyókù lọ? Ó ti wọnú ẹran náà lọ kí ó tó dé ọwọ́ wa: òmíràn ti so mọ́ ohun tí ń mú ẹran pọ́n, òmíràn ti so mọ́ àwọn èròjà purotéènì. Bí iná páànù bá wá gbóná gan-an, díẹ̀ lára àwọn èròjà yìí a di náítírósámìnì, èyí tí ó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹranko tí wọ́n fi dán an wò. Nínú ikùn pẹ̀lú, ásíìdì àti irin inú ẹran pupa ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni ti ẹ̀fọ́. Náítíráìtì rẹ̀ kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni itọ́ ń gbé e wá fún wákàtí púpọ̀. Fítámì sí àti àwọn èròjà mìíràn tí ẹ̀fọ́ mú dání ń bá a pàdé nínú ikùn, wọn a sì sọ ọ́ di náítíríìkì ọ́sáìdì kí ó tó rí purotéènì so mọ́. Èyí a máa dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá a sì rọlẹ̀ díẹ̀. (Ẹni tí ó bá ń fi oògùn apakòkòrò yọ ẹnu ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ahọ́n wọ̀nyí, àǹfààní náà a sì dín kù.)

Ìdí nìyí tí àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra ní 2010: wọn kò dá náítíréètì àti náítíráìtì lẹ́bi láìkù síbì kan, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n fa jẹjẹrẹ níbi tí ara bá ti lè so wọ́n mọ́ purotéènì lọ́nà tí mo sọ lókè yìí. Ní 2015, wọ́n fi ẹran bíi béékìn àti sọ́séèjì sí ìpele kìn-ín-ní, pé ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ẹni tí ó bá ń jẹ 50 gíráàmù rẹ̀ lójoojúmọ́, ewu tirẹ̀ fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò jẹ ẹ́. Bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ní i tẹ́lẹ̀, yóò di nǹkan bíi mẹ́fà. Tábà wà ní ìpele kan náà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìpele ń sọ, kì í ṣe bí ewu ṣe pọ̀ tó. Iyọ̀ àti irin inú ẹran náà pín nínú ẹ̀bi yìí.

Kí n má ṣe ojúsàájú, náítíráìtì kì í jẹ́ kí kòkòrò bọ́túlísímù hù nínú ẹran, májèlé yẹn sì lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀fọ́ náà ní tirẹ̀: ẹ má fi èyí tí ó ti jinná sílẹ̀ níta di ọjọ́ kejì, pàápàá bí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé, nítorí náítíréètì rẹ̀ lè di náítíráìtì nínú ìkòkò, kí ó sì dí afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà títí ètè rẹ̀ yóò fi dúdú. Bíbọ̀ tí àwọn ìyá wa ń bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fún omi rẹ̀ nù ń mú apá kan náítíréètì rẹ̀ lọ. Àwọn tí ń béèrè bóyá káún jẹ́ irú kan náà kò ní láti dààmú. Irú èròjà mìíràn pátápátá ni.

Ní tèmi, ẹ̀fọ́ ni mo ń fi owó mi rà ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá dé, béékìn di ti ọjọ́ ọdún. Ẹni tí yóò bá sì rà á, kí ó ra ti dọ́là márùn-ún ààbọ̀, kí ó dín in lórí iná kékeré, kí ó má jẹ́ kí ó jó, kí ó sì da ọ̀rá tí ó bá yọ́ sínú páànù nù, nítorí inú ọ̀rá yẹn ni náítírósámìnì máa ń pọ̀ sí jù.