Wúùlù Gbági tí mo fi hun ṣọ́ọ̀lù ọmọ: bí etí rẹ̀ ṣe ká, àti ohun tó mú un tẹ́jú

Bọ́ọ̀lù wúùlù mẹ́rin, gíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo rà ní ọjà Gbági níbí n'Ìbàdàn, torí ṣọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ hun fún ọmọ àbúrò mi. Mo ti fi hun ṣọ́ọ̀lù méjì báyìí, a sì ti fọ̀ wọ́n léraléra, nítorí náà mo lè sọ bí òwú yìí ṣe rí fún ẹni tó bá fẹ́ rà á.

Òwú náà dára. Ó rọ̀, kò ní kókó, kì í já, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣí nínú omi. Lórí abẹ́rẹ́ ìhun mílímítà 4.5, ojú 20 ló ń fún mi ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ojú 100 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ṣọ́ọ̀lù náà lè fẹ̀ tó ìdajì mítà. Sítọ́kínẹ́ẹ̀tì ni mo hun látòkèdélẹ̀, níìtì ní ìlà iwájú, pọ́ọ̀lù tó jẹ́ òdìkejì níìtì ní ìlà ẹ̀yìn, láìsí ìgbátí kankan, ìyẹn etí tí a máa ń hun yí aṣọ ká, torí mo fẹ́ràn bí iwájú rẹ̀ ṣe máa ń jọ̀lọ̀, tí ojú kọ̀ọ̀kan á dà bí lẹ́tà V kékeré.

Kò tíì gùn tó apá kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ká sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn ń ká ẹní, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀ ká wá síwájú. Mo rò pé yóò nà tí mo bá hun ún tán. Mo hun ìlà 168, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò báyìí, ó tún ká.

Mo gbé e padà lọ bá ìyá tó tà á fún mi. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ṣé òwú yìí kò dáa ni?" Wọ́n yí etí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, òwú kọ́. Ìwọ ni o ò fún un ní ìgbátí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òwú kì í fẹ́ tẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ di ojú, ṣe ló máa ń wá bí yóò ṣe nà padà. Nínú sítọ́kínẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ojú dojú kọ: ẹsẹ̀ méjèèjì ojú náà wà níwájú, orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ wà lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló jọ ń fà síbì kan náà, kò sí èyí tó ń fà wọ́n padà. Láàárín aṣọ, ojú tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ń di ara wọn mú. Ní etí, kò sí aládùúgbò lápá kan, ibẹ̀ ni ó ti ń ká. Ohun tó lè pa á ni kí níìtì àti pọ́ọ̀lù jọ wà níwájú aṣọ kan náà, kí èyí fà síwájú, kí ìyẹn fà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ríìbù àti mọ́ọ̀sì, àwọn ìhun tó ń da méjèèjì pọ̀, kì í fi í ká, àti gátà, tí níìtì ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yọ bíi pọ́ọ̀lù níwájú.

Kí n tó gbà bẹ́ẹ̀, mo kọ́kọ́ gbìyànjú ọgbọ́n àwọn tó ń hun aṣọ nílẹ̀ òtútù. Wọn a rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọn a fi táwẹ̀lì fún omi ara rẹ̀ láìlọ́ ọ, wọn a tẹ́ ẹ, wọn a fi píìnì kàn án mọ́lẹ̀ yí ká títí yóò fi gbẹ. Mo ṣe é lórí mátíráàsì. Àsìkò ọyẹ́ ni, ó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí mo yọ píìnì. Kó tó di alẹ́, igun rẹ̀ ti ń gbéra. Nígbà tí a fọ̀ ọ́, ó ká bíi ti àkọ́kọ́.

Orúkọ tí à ń pè é ló tàn mí. Gbogbo òwú ìhun là ń pè ní wúùlù lọ́jà, ṣùgbọ́n irun àgùntàn ni wúùlù gangan. Omi máa ń tú ìdè kéékèèké inú irun yẹn, bó bá ti ń gbẹ, ìdè náà á so padà níbi tí a nà án sí, bí irun orí tí wọ́n fi rólà ká nígbà tó tutù. Tèmi jẹ́ àkíríìlìkì, tí wọ́n ń ṣe láti inú kẹ́míkà epo rọ̀bì, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Láti mọ̀, mo fi iná sí ìgékúrú òwú kan lórí àwo irin: ó yọ́, ó sì di kókó dúdú líle. Irun àgùntàn ì bá rùn bí irun tó jó, ì bá sì di eérú tó ń rún lọ́wọ́.

Ooru ló lè mú àkíríìlìkì tẹ́. Mo hun ègé méjì ojú 30 láti dán an wò. Mo kan èkíní mọ́lẹ̀, mo gbé áyọ́ọ̀nù olóoru omi sókè díẹ̀ sí i láìfara kàn án, mo sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó yọ píìnì. Ó tẹ́, fífọ̀ kò sì ká a padà. Lórí èkejì, áyọ́ọ̀nù fara kàn án ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ibẹ̀ ń dán yinrin, ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, kò fà mọ́, kò sì ní padà sípò láéláé. Mi ò lè fi ṣọ́ọ̀lù ọmọ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Mo wá fi gátà ṣe ìgbátí fún ti àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú ojú mẹ́ta mẹ́ta nínú ìlà mẹ́rin mẹ́rin, ìlà 168 sì fún mi ní ojú 126. Bí a bá mú ojú kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìgbátí náà á máa jó bí etí yẹ̀rì. Abẹ́rẹ́ mílímítà 4 ni mo lò, níìtì ní gbogbo ìlà, ìlà mẹ́jọ. Mo hun irú ìgbátí kan náà sókè àti sísàlẹ̀. Ó tẹ́.

Ṣọ́ọ̀lù kejì rọrùn jù, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ìgbátí sí i: ìlà gátà mẹ́jọ nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ojú gátà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú sítọ́kínẹ́ẹ̀tì láàárín. Mo kọ́kọ́ fi ojú méjì péré dán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Kò tó, sítọ́kínẹ́ẹ̀tì fa òun àti ìgbátí ká lọ pọ̀. Ojú márùn-ún ló dì í mú.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbẹ̀. Ìlà gátà máa ń fún pọ̀ ju ti sítọ́kínẹ́ẹ̀tì lọ: lọ́wọ́ mi, sẹ̀ǹtímítà 10 gba ìlà 28 níbi sítọ́kínẹ́ẹ̀tì, ó gba 40 níbi gátà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀lù wá ń kúrú ju àárín lọ, àárín sì wú. Ní gbogbo ìlà mẹ́rin, mo dé ìgbátí, mo hun ojú márùn-ún yẹn nìkan, mo yí padà, mo tún hun wọn, kí n tó máa bá ìlà náà lọ. Mo ṣe é lọ́tùn-ún, mo ṣe é lósì. Wíwú náà lọ.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún òwú yìí. Mo yọ ẹyọ kan nítorí wọn kò kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sára bébà rẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ ni, mi ò ní rẹ ẹ́ sómi. Mo ti ra bọ́ọ̀lù méjì sí i fún súwẹ́tà, ríìbù ìlà mẹ́wàá ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ ìdí rẹ̀.